Káàdì tíramadọ́ọ̀lù méjì

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n apòògùn. Kubwa ni mò ń gbé. Wọ́n mú àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 20, pẹ̀lú káàdì méjì tíramadọ́ọ̀lù oní-mílígíráàmù 225 nínú àpò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ilé wa ti pín sí méjì. Ọkọ mi ní kí òfin ṣe iṣẹ́ rẹ̀, pé bí ìjọba bá rọra fọwọ́ mú wọn, gbogbo ọmọ ló máa bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kano sọ pé ní Pọ́túgà, wọn kì í ju ẹni tó ń lo oògùn olóró sẹ́wọ̀n mọ́, nǹkan sì ti dára fún wọn. Ta ló tọ̀nà? Èwo ló bá ilẹ̀ wa mu?" Ìyá Tóbi, Kubwa.

Ìyá Tóbi, ẹ kú ọ̀ràn àbúrò yín. Kí n tó dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ yín àti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan tí kò sí nínú ìwé yín: òní ni ọjọ́ kelòó tí wọ́n ti mú un? Bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń lo oògùn náà, láàárín wákàtí 12 sí 24 ni ara rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀. Á máa làágùn, imú á máa ṣomi, inú á máa lọ́ ọ, eegun á máa ro ó, kò sì ní í rí oorun sùn. Ọjọ́ kejì àti ìkẹta ló máa ń le jù. Tó bá fi pé bí ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ti lọ. Kì í sábà pa ènìyàn. Àmọ́ tíramadọ́ọ̀lù kò rí bíi ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí à ń fi pa ìrora, ọ̀nà méjì ló ń gbà ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí àwọn kan bá ṣíwọ́ rẹ̀ lójijì, ìbẹ̀rù á bò wọ́n, wọ́n á máa rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Bí gìrì bá ti gbé e rí nígbà tó ń lò ó, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fún ọ̀gá ibi tí wọ́n tì í mọ́ lónìí, kó buwọ́ lù ú pé òun rí i. Ẹnu lásán kò tó.

Mo fi ti ara rẹ̀ ṣáájú nítorí pé nínú gbogbo ariwo tí à ń pa lórí òfin oògùn olóró, ibẹ̀ ni a kì í dé. Apòògùn ni mí, n kì í ṣe lọ́yà. Ọdún 16 ni mo fi ní ṣọ́ọ̀bù ní Sabon Gari ní Kano kí n tó kó wá sí Abuja, níbi tí mo ti ń bá ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún ṣiṣẹ́. N kò dé Pọ́túgà rí, inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ti Kano ni mo fojú rí, ibẹ̀ ni n ó sì ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ojú mi ni wọ́n ṣe dán ìfòfindè wò níbẹ̀.

Oògùn ikọ́ tó ní kodíìnì nínú ni mò ń sọ. Títí di 2018, ó wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo. Ó yẹ kí oníbàárà mú ìwé dókítà wá, àmọ́ ta ló ń béèrè ìwé? Kì í sì ṣe àwọn ọmọ ìgboro nìkan ló ń rà á. Ní àsìkò ìgbéyàwó, àwọn ìyàwó ilé ẹlẹ́hàá a máa rán ọmọ kékeré wá, owó á wà ní kíká mọ́ ọwọ́ rẹ̀, á ra ìgò mẹ́ta, ìgò mẹ́rin. Wọ́n á pò ó mọ́ mínírà. Ẹ rántí pé Kano ni. Ọtí ń rùn lẹ́nu, Hisbah sì wà nígboro. Omi ikọ́ kò rùn bí ọtí, kò sì sí ẹni tó máa bá ọ jà pé o ń lo oògùn ikọ́. Èmi náà tà á, n kò ní purọ́ fún yín. Ìgbà tí mo rí ọmọ tó ń rà á fún ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni mo tó dáwọ́ dúró, aládùúgbò mi sì ń tà á lọ ní tirẹ̀.

Ní 2017, wọ́n sọ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà pé ìgò mílíọ̀nù 3 ni wọ́n ń mu lójúmọ́ ní Kano àti Jigawa. Gbogbo ènìyàn gbá gbólóhùn yẹn mú. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Gbogbo ènìyàn tó wà ní ìpínlẹ̀ méjèèjì nígbà yẹn, àti ọmọ ọwọ́ àti arúgbó, kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 lọ. Bí ìgò mílíọ̀nù 3 bá jẹ́ òótọ́, á jẹ́ pé nínú ènìyàn bíi méje, ẹnì kan ń mu odidi ìgò kan lójoojúmọ́ ayé, tọmọdé tàgbà. Nígbà tí àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ àti UNODC, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, gbé ìwádìí wọn jáde ní oṣù Kìíní 2019, èyí tí wọ́n lọ bá ará ilé sọ̀rọ̀ fún káàkiri Nàìjíríà, wọ́n rí i pé mílíọ̀nù 2.4 ni ó fi omi ikọ́ ṣe ìlòkulò láàárín ọdún kan, ní gbogbo ilẹ̀ wa. Ìyẹn náà pọ̀ tó láti kó ìdààmú bá ènìyàn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó ga ju òótọ́ lọ máa ń bí òfin tó le ju bó ṣe yẹ lọ, òun ni mo fi dúró níbẹ̀.

Ní ìparí oṣù Kẹrin 2018, fíìmù ìròyìn kan jáde tó fi hàn bí wọ́n ṣe ń ta oògùn náà láti ilé iṣẹ́ jáde sí ìgboro. Kí ọjọ́ méjì tó kọjá, ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé. Ẹ wo ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, owó ìgò kan fò sókè ní ìlọ́po ìlọ́po. Àwọn tí ikọ́ ń ṣe lóòótọ́ gba oògùn mìíràn lọ. Àwọn ọmọ ìgboro kò lọ sí ilé ìtọ́jú, wọ́n yí padà sí tíramadọ́ọ̀lù ni. Ìdí rẹ̀ kò le. Páálí omi ikọ́ kan wúwo, ìgò rẹ̀ ń ró gbọin gbọin, ọkọ̀ ló ń gbé e. Tíramadọ́ọ̀lù tó máa pa iye ènìyàn kan náà bí ọtí kò kún àpò ṣòkòtò. Nígbà tí ọjà bá ti di èyí tí a ń sá pamọ́ tà, ohun tó kéré tí agbára rẹ̀ sì pọ̀ ni oníṣòwò á máa gbé. Èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ní ilẹ̀ wa kì í ju mílígíráàmù 50 tàbí 100 lọ fún ẹyọ kan, àgbàlagbà kò sì gbọ́dọ̀ kọjá 400 lóòjọ́. Àwọn 225 àti 250 tó kún ìgboro, kò sí dókítà tó ń kọ ọ́ fún aláìsàn. Fàyàwọ́ ni, fún ọjà yìí gan-an ni wọ́n sì ṣe é. Ẹyọ méjì pére nínú èyí tí wọ́n bá lọ́wọ́ àbúrò yín ti kọjá ààlà ọjọ́ kan.

Àwọn tí kò rówó ra tíramadọ́ọ̀lù bọ́ sórí fífa òórùn gọ́tà àti sólúṣọ̀n táyà símú, àti gẹ̀gẹ́mu tí àwọn Haúsá ń pè ní zakami. Gẹ̀gẹ́mu yẹn, ọpọlọ ló ń dà rú pátápátá. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko bá ògiri sọ̀rọ̀. Kò sí òfin kankan tó lè de gẹ̀gẹ́mu, ewé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni.

Síbẹ̀, Bàbá Tóbi ní ẹjọ́ tó dá tọ́ níhìn-ín, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n yín fi ẹnu tẹ́ ẹ. Ìfòfindè náà mú omi ikọ́ kúrò lórí pẹpẹ wa. Ìyá ẹlẹ́hàá tó ń rán ọmọ ní ṣọ́ọ̀bù mi kò mọ ẹni tó ń ta tíramadọ́ọ̀lù ní kọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì wá a lọ. Ọmọ ilé ìwé tí kò tíì tọ́ ọ wò rí kò rí i rà pẹ̀lú owó oúnjẹ ọ̀sán mọ́. Bí ohun kan bá wọ́n, tó sì ṣòroó rí, ẹni tó ń fi ṣeré máa ń fi í sílẹ̀. Ẹni tó ti di bárakú fún ni kì í fi í sílẹ̀. Ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, orúkọ kan náà ni òfin wa sì ń pè wọ́n.

Orúkọ wo ni? Òfin tó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ ní 1989 sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ní kokéènì, héróìnì tàbí oògùn tó jọ wọ́n lọ́wọ́ láìgba àṣẹ á ṣẹ̀wọ̀n tí kò ní í dín ní ọdún 15, tí kò ní í ju 25 lọ. Ẹ̀wọ̀n gbére ni ti ẹni tó ń tà á. Ní oṣù Karùn-ún 2024, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà dìbò pé kí ti àwọn tó ń ṣòwò rẹ̀ di ikú. Ẹ fi àbúrò yín sínú òfin ọdún 15 yẹn, kí ẹ sì bá mi tẹ̀ lé ọ̀nà tí káàdì méjì máa gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ á ti gbé ọkọ̀ jáde láti mú un. Wọ́n á wọn oògùn náà, wọ́n á dì í, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ibi àyẹ̀wò kí ìwé tó jáde pé òun gan-an ni. Kò lè lọ sí kóòtù májísíréètì tó sún mọ́ wọn, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ nìkan ló ní àṣẹ láti gbọ́ ọ. Wọ́n á sún ẹjọ́ síwájú. Òṣìṣẹ́ tó mú un á fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá jẹ́rìí, bí wọ́n bá ti gbé e lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, á wọkọ̀ wá. Ìjọba á máa bọ́ ọmọ náà ní ẹ̀wọ̀n Kuje ní gbogbo ìgbà yìí. Èyí jẹ́ fún ẹyọ 20. Òṣìṣẹ́ kan náà, ọkọ̀ kan náà àti ibi àyẹ̀wò kan náà ni ó yẹ kó máa tú kọ̀ǹténà ní èbúté Apápá àti Onne, níbi tí wọ́n ti ń gbá ẹgbẹẹgbẹ̀rún páálí mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iye tí ìfòfindè ń náni kì í ṣe owó nìkan, ohun tí ọwọ́ ì bá tẹ̀ ká ní kì í ṣe àbúrò yín ni wọ́n ń lé kiri náà wà níbẹ̀.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà mọ èyí. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n bá mú ni wọ́n ń gbé lọ sí kóòtù. Àjọ NDLEA ní ẹ̀ka tó ń gba àwọn tó ń lò ó nímọ̀ràn, ọ̀pọ̀ ló sì ń gba ibẹ̀ lọ sílé. Àwọn tó dé kóòtù, ọ̀pọ̀ wọn ń gbà pé àwọn jẹ̀bi, lọ́yà á bá ìjọba dúnàádúrà, adájọ́ á dá ẹ̀wọ̀n oṣù díẹ̀ tàbí owó ìtanràn. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá fọkàn bá a lọ, ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ pé Pọ́túgà ń ṣe, àwa náà ń ṣe ìlàjì rẹ̀. Ìyàtọ̀ ni pé tiwọn wà nínú ìwé, tiwa wà nínú ọwọ́ ẹni tó mú ọ. Nígbà tí ọdún 15 bá wà ní ọwọ́ ọ̀tún ẹnì kan, tí "máa lọ sílé" wà ní ọwọ́ òsì rẹ̀, ẹ mọ ohun tó máa ń kọjá láàárín ọwọ́ méjèèjì. Ẹnì kan ti gba owó lọ́wọ́ oníbàárà mi kan ní Kano bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ náà sì padà sí ìgboro lọ́jọ́ náà gan-an láìrí nọ́ọ̀sì kankan. Kò rí ẹ̀wọ̀n, kò rí ìtọ́jú, bàbá rẹ̀ ta ọ̀kadà.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Pọ́túgà, torí pé àṣìgbọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín. Wọn kò fàyè gba oògùn olóró níbẹ̀. Òfin wọn, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2001, ṣì kà á léèwọ̀ láti ní i lọ́wọ́. Ọlọ́pàá ṣì ń gbà á. Ẹni tó ń tà á ṣì ń lọ sẹ́wọ̀n. Ohun tó yí padà nígbà náà ni pé bí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ kò bá ju ohun tí ènìyàn kan máa lò fún ọjọ́ 10 lọ, ẹjọ́ rẹ kúrò ní ti ọ̀daràn. Wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀: igbó gíráàmù 25, kokéènì 2, héróìnì 1. Láàárín wákàtí 72, wàá lọ jókòó níwájú ẹni mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn mọ òfin, àwọn tó kù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn tàbí àwọn tó ń bójú tó ọ̀ràn ará ìlú. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe láti jẹ ọ́ níyà. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ̀ bóyá ó ti di bárakú fún ọ. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, tó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n á ká ìwé rẹ kúrò nílẹ̀. Bó bá ti di bárakú, wọ́n á ní kí o lọ fún ìtọ́jú, ibi ìtọ́jú náà sì wà, ó ń dúró dè ọ́.

Ìwádìí 2019 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan jẹ́ ká rí ìdí tí ìyàsọ́tọ̀ yẹn fi ṣe pàtàkì fún wa. Nínú àwọn bíi mílíọ̀nù 14.3 tó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan ní Nàìjíríà, ẹnì kan nínú márùn-ún ni ó ti dá àìsàn sí lára. Àwọn mẹ́rin tó kù kò nílò bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, wọn kò sì nílò Kuje. Ẹ̀wọ̀n ń kó márààrún pọ̀, á wá fi ọmọ tó tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó mọ gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Ní Pọ́túgà, ṣáájú òfin yẹn, wọ́n fojú bù ú pé nínú ènìyàn 100, bí ẹnì kan ló ń lo héróìnì, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pín lò sì ń kó kòkòrò HIV ràn wọ́n. Ní 2001, àwọn tó ń fa oògùn sára tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá kòkòrò náà lára wọn ju 1,000 lọ. Ní 2017, wọn kò pé 50. Àmọ́ kì í ṣe yíyọ ẹ̀wọ̀n kúrò nìkan ló ṣe é. Wọ́n ń pín abẹ́rẹ́ tuntun, wọ́n ń fi mẹ́tadóònù tọ́jú àwọn oní-héróìnì, wọ́n sì kọ́ ilé ìtọ́jú kálẹ̀. Nígbà tí ìjọba wọn tú àjọ tó ń bójú tó gbogbo rẹ̀ ká ní 2012, tí owó sì dín kù, ìlà ìdúró fún ìtọ́jú gùn sí i, àwọn ará ìlú Pọ́tò sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àwọn ń rí ẹni tó ń fa oògùn sára ní gbangba. Òfin náà kò yí padà o. Ìtọ́jú ló dín kù.

Ibòmíràn wà tí ẹ̀gbọ́n yín kò dárúkọ, ó sì yẹ kí Bàbá Tóbi mọ̀ ọ́n kó lè fi gbèjà ara rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ọ́rígọ̀n ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú dìbò ní 2020, wọ́n yọ ẹ̀wọ̀n kúrò lórí ìwọ̀n kékeré gbogbo oògùn olóró láti oṣù Kejì 2021. Ẹni tí wọ́n bá mú á gba tíkẹ́ẹ̀tì owó ìtanràn dọ́là 100, bó bá sì pe nọ́ńbà kan láti bá oníṣègùn sọ̀rọ̀, wọ́n á fagi lé owó náà. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ta ló máa pè? Díẹ̀ báyìí ló pè. Owó tí wọ́n ní àwọn máa fi kọ́ ilé ìtọ́jú pẹ́ kó tó dé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n ti lọ. Àsìkò yẹn náà ni fẹ́ńtáníìlì, tó lágbára gan-an ju héróìnì lọ, ń ya wọ àdúgbò wọn. Ikú pọ̀. Títí di òní, àwọn olùwádìí kò fẹnu kò lórí bóyá òfin ló fà á ni tàbí fẹ́ńtáníìlì, èrò tèmi ni pé fẹ́ńtáníìlì ló jù. Àmọ́ sùúrù àwọn ará ìlú ti tán. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2024, wọ́n dá ìjìyà padà. Wọ́n mú ìlàjì ìwé Pọ́túgà, wọ́n sì fi ìlàjì tó jókòó níwájú aláìsàn sílẹ̀.

Èwo nínú méjèèjì ni a máa jọ bí a bá yọ ẹ̀wọ̀n kúrò lọ́la? Ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ ní apá òkè ọya. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ wà ní Kaduna, ti Dawanau wà ní Kano, ilé ìwòsàn Gwagwalada wà nítòsí yín. Bẹ́ẹ̀dì wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò tó wà níta. Ibi tí kò bá ti sí bẹ́ẹ̀dì, ẹbí máa ń wá nǹkan mìíràn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2019, ọlọ́pàá wọ ilé kan ní Rigasa ní Kaduna, wọ́n bá ọkùnrin àti ọmọdékùnrin tó ju 300 lọ níbẹ̀, wọ́n so ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn lẹ́sẹ̀. Gidan mari ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí ló fi ọwọ́ ara wọn mú púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà lọ, tí wọ́n sì ń san owó, nítorí oògùn olóró. Mo mọ irú òbí bẹ́ẹ̀. Ìkà kọ́ ni wọ́n, ó ti sú wọn ni.

Nítorí náà, ibi tí mo dúró sí nìyí, ẹ lè má gbà á. Kí títà wà ní ohun tí à ń fi ẹ̀wọ̀n lé, kí wọ́n sì máa lépa rẹ̀ láti etíkun, kì í ṣe láti Kubwa. Kí ẹ̀wọ̀n kúrò lórí ẹni tó ń lò ó, pẹ̀lú ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ilé ìtọ́jú ṣáájú òfin, kì í ṣe kó tẹ̀ lé e. Bí ilé ìtọ́jú kò bá tíì sí, kí wọ́n má tíì fọwọ́ kan òfin náà, kí wọ́n kàn jẹ́ kí ìmọ̀ràn tí NDLEA ń fúnni di ẹ̀tọ́ tó wà nínú ìwé. Kí wọ́n má sì torí ọmọ ìgboro ti tíramadọ́ọ̀lù mọ́ ilé ìwòsàn. Ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá jà ní Maiduguri kò ní oògùn ìrora mìíràn tó rọrùn ún rí, ìdí kan nìyẹn tí àwọn amòye àjọ WHO fi kọ̀ ní 2018 láti dábàá kí wọ́n fi í sábẹ́ òfin àgbáyé.

Ìwọ̀n yẹn gan-an kò rọrùn, mo gbà. Ẹ jẹ́ ká fi káàdì àbúrò yín dán ọjọ́ 10 ti Pọ́túgà wò. Ẹyọ 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 225, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 4,500. Bí a bá fi 400 tí òfin ìṣègùn gbà fún ọjọ́ kan ṣírò, ọjọ́ 10 jẹ́ 4,000, àbúrò yín ti kọjá ààlà, oníṣòwò ni. Bó bá jẹ́ pé ẹyọ mẹ́rin ló ń lò lójúmọ́, bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo ń tọ́jú ṣe ń ṣe, oògùn ọjọ́ 5 ló wà lápò rẹ̀, aláìsàn ni. Ọmọ kan náà ni, káàdì kan náà. Bí wọ́n bá sì fi ìwọ̀n náà sókè, oníṣòwò á máa gbé èyí tí kò tó o kiri, á lọ, á bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá. N kò rí òfin tó bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yìí, ìdí nìyẹn tí ẹni mẹ́ta tó ń fi ojú wo ọmọ fi dára ju òṣùwọ̀n lásán lọ.

Ní ti àbúrò yín, ẹ wá lọ́yà, bí owó kò bá sí, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń gba ẹjọ́ àwọn aláìní rò. Ẹ ní kó béèrè lọ́wọ́ NDLEA bóyá ẹ̀ka ìmọ̀ràn wọn lè gba ọmọ náà kí ìwé ẹ̀sùn tó wọ kóòtù. Bó bá ti wọ kóòtù, òfin ìdájọ́ ọ̀daràn ti 2015 fàyè sílẹ̀ fún ìdájọ́ tí kì í ṣe ẹ̀wọ̀n, bí iṣẹ́ ìlú. Lọ́yà ló máa sọ bóyá ó lè dé ibi ẹ̀sùn rẹ̀, ìwé dókítà pé aláìsàn ni, àti pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí, á ràn án lọ́wọ́. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó lábẹ́lẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín lọ sí ilé tí wọ́n ti ń so ọmọ mọ́lẹ̀.

Ọjọ́ tó bá jáde ni ẹ̀rù máa ń bà mí jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láìlò ó, ara rẹ̀ á ti gbàgbé oògùn náà, ọkàn rẹ̀ kò ní í tíì gbàgbé. Bó bá lọ gbé iye tó ń gbé tẹ́lẹ̀, ó lè dá èémí rẹ̀ dúró tàbí kó gbé gìrì. Ẹ sọ èyí fún un kedere, láìbú u. Bí ẹ bá bá a tó sùn tí kò ṣeé jí, tí èémí rẹ̀ ń falẹ̀, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má rọ wàrà tàbí epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù, kí ẹ sì sọ pé tíramadọ́ọ̀lù ni. Ẹ má fi ìtìjú pe é ní ibà. Nalọ́sóònù tí wọ́n fi ń jí irú wọn kì í ṣiṣẹ́ tán lórí tíramadọ́ọ̀lù, ó sì lè ru gìrì sókè, ìdí nìyẹn tí dókítà fi gbọ́dọ̀ mọ ohun tó lò gan-an. Nígbà tí ẹ bá tún lọ wò ó, ẹ bi í ní ìdákẹ́jẹ́ pé ẹyọ mélòó ló ń lò lójúmọ́ kí wọ́n tó mú un, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé náà dání bí ẹ bá ń lọ sí Gwagwalada.